Tẹlifíṣọ̀n kò rí fáìlì inú fíláàṣì

Ìbéèrè: Kábà ni mo wà. Mo da sọ́fítíwíà tuntun ti LG sórí fíláàṣì, àmọ́ tẹlifíṣọ̀n kò rí i. Ṣé dandan tiẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ọ̀kún o. Bí fáìlì yín bá ṣì parí sí .zip, ìṣòro yín nìyẹn. Ẹ tú u lórí kọ̀ǹpútà títí ẹ ó fi rí èyí tó parí sí .epk. Ẹ fọ́máàtì fíláàṣì sí FAT32 (ẹ kọ́kọ́ kó orin yín kúrò o, gbogbo rẹ̀ ló máa pa rẹ́), ẹ ṣẹ̀dá fódà LG_DTV, kí ẹ fi fáìlì náà sínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti ki fíláàṣì náà bọ tẹlifíṣọ̀n, ó yẹ kó bi yín bóyá kó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá bi yín, ẹ fi nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n wé ti fáìlì náà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba. Bó bá lọ láàárín iṣẹ́, tẹlifíṣọ̀n lè má tàn mọ́. Jẹnẹrétọ̀ tí epo kún inú rẹ̀ tàbí ínfátà ni kí ẹ lò.

Bó bá jẹ́ dẹkódà nìkan lẹ ń wò, kò sí ìkánjú. Àmọ́ lórí sọ́fítíwíà àtijọ́, YouTube àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè kọ̀ láti ṣí, ihò tí olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé á sì wà ní ṣíṣí.