Bákíháńdì: ọlọ́wọ́ kan àbí ọlọ́wọ́ méjì?

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ tẹ́níìsì. Bákíháńdì ọlọ́wọ́ kan àti ọlọ́wọ́ méjì, èwo ni kí n mú? Kí ni agbára àti àléébù wọn?"

Àbúrò, ọlọ́wọ́ méjì ni kó o mú jàre. Kóòṣì tó kọ́ mi ló ní ọlọ́wọ́ kan ni tẹ́níìsì gidi, kò tiẹ̀ wo bí mo ṣe ń gbá a, "na ọwọ́, na ọwọ́" ṣáá ló ń pariwo, ìgbọ̀nwọ́ mi ló wá jìyà ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọwọ́ kan, iwájú lo ti gbọ́dọ̀ pàdé bọ́ọ̀lù, kó tó dé ẹ̀gbẹ́ ẹ rárá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ máa ń pẹ́, ìgbọ̀nwọ́ á wá ṣáájú rákẹ́ẹ̀tì, ọrùn ọwọ́ á ká, gbogbo agbára bọ́ọ̀lù yẹn á sì bọ́ sórí iṣan tó so mọ́ egungun ìta ìgbọ̀nwọ́. Kì í dunni lójú ẹsẹ̀ o. Ó kọ́kọ́ ń ta mí tí mo bá ń ṣí ilẹ̀kùn, nígbà tó yá mi ò lè gbé ife omi mọ́, mi ò lè fún aṣọ, mo sọ fún kóòṣì, ó ní kí n ṣe ọkàn akin! Tó o bá da àtẹ́lẹwọ́ dé ilẹ̀ tó o fi gbé nǹkan, tí ibẹ̀ yẹn dùn ẹ́, gbé rákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, má dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Bọ́ọ̀lù tó ga kọjá èjìká náà tún ń dààmú ọlọ́wọ́ kan. Ibẹ̀ gan-an ni Nadal ti fìyà jẹ Federer, tó ń fi ọwọ́ kan gbá bákíháńdì, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí Federer nà án ní àṣekágbá Australian Open 2017, ó ń sún wọnú kọ́ọ̀tù gbá bọ́ọ̀lù kó tó ga, ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ò tíì lè ṣèyẹn.

Ọlọ́wọ́ méjì, tó bá jẹ́ ọ̀tún lo ń lò, ọ̀tún á wà nísàlẹ̀, òsì lókè, òsì ló ń ṣiṣẹ́ jù. Kó o mọ̀ bóyá ó ń ṣe é, dúró sí ìdajì kọ́ọ̀tù, yọ ọ̀tún kúrò, fi òsì nìkan rọra gbá bọ́ọ̀lù, tó bá ń lọ tààrà, o ti ń mú un nìyẹn. Tó o bá tiẹ̀ pẹ́ díẹ̀, ọwọ́ kejì á gbà ẹ́, pàápàá tí wọ́n bá sáàfù líle sí ẹ. Àléébù ẹ̀ ni pé kì í nà jìnnà, bọ́ọ̀lù kúkúrú tó wà nílẹ̀ sì máa ń ni ẹ́ lára. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó o kọ́ súláìsì ọlọ́wọ́ kan mọ́ ọn, kó o máa fi rákẹ́ẹ̀tì gé abẹ́ bọ́ọ̀lù, ìyẹn ò ni ìgbọ̀nwọ́ lára tó bẹ́ẹ̀. Nínà jìnnà àti súláìsì yìí gan-an ni ọlọ́wọ́ kan fi dáa jù.

Ẹ̀n, okùn rákẹ́ẹ̀tì náà: àwọn tó ń tà á á ní kó o gba pọ́lì torí àwọn ọ̀gá nínú tẹ́níìsì ń lò ó. Ó le jù fún ẹ, gba èyí tó rọ̀, kí wọ́n má sì fà á le jù.