Arọ́pò-orúkọ tó ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì àti ọ̀rọ̀-orúkọ tó ń dá rìn: bí a ṣe ń rí wọn mú nínú Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi dá orí kẹta padà. Ó ní mo ń fo ‘the’ àti ‘a’, mo sì ń kọ ‘he’ àti ‘they’ níbi tí kò yẹ. Mo kà á títí, n kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè máa rí i fúnra mi?”

Kíka iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó lọ dì í ni mo fi ń jẹun, ọmọ Yorùbá bíi tèmi sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìdí tí ojú yín kò fi rí àṣìṣe náà ni pé ìlànà Yorùbá ni àwọn gbólóhùn yẹn ń tẹ̀lé, wọn kò sì ṣẹ̀ sí i rárá, nítorí náà ohun tó tọ́ ni etí yín ń gbọ́. Bí ẹ bá kà á nígbà ogún láti mọ̀ bóyá ó dùn létí, yóò máa dùn létí ni. Àwọn ibi pàtó kan ni ẹ ó máa fi ojú wá. Ìlà pupa tí kọ̀ǹpútà máa ń fà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kì í sì í sábà gbà yín sílẹ̀ níbí, torí pé sípẹ́lì ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí pé òun ló ṣòro jù láti rí. Ẹ wo gbólóhùn yìí: “obìnrin tí ó ra aṣọ”. Ẹ yọ “ó” kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ wo ohun tó kù: “obìnrin tí ra aṣọ”. Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí yóò gba èyí. Yorùbá kì í sábà fẹ́ kí àyè olùwà ṣófo níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, “ó” ló sì ń bá a dí àyè náà. Ẹ ó rí i pé iṣẹ́ àyè dídí ló ń ṣe bí ẹ bá wo “èmi ni ó ṣe é” àti “àwọn ọmọ ni ó ṣe é”: èmi kì í ṣe “ó”, àwọn ọmọ náà kì í sì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo, síbẹ̀ “ó” náà la lò fún gbogbo wa. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, “who” tàbí “that” fúnra rẹ̀ ló ti jókòó sí àyè olùwà yẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ “the woman that she bought the cloth”, ènìyàn méjì lẹ fi jókòó sórí àga kan. “The woman who bought the cloth” ló tọ́.

Bí ọ̀rọ̀-orúkọ náà bá jẹ́ àbọ̀ nínú awẹ́-gbólóhùn, n kì í sábà rí àṣìṣe yìí, torí pé èdè méjèèjì fẹnu kò níbẹ̀: “aṣọ tí obìnrin náà rà”, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn “rà”, “the cloth that the woman bought”, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn “bought” náà.

Èyí tó le jù lọ́wọ́ àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ni ti ohun-ìní. “Oníbàárà tí owó rẹ̀ kò pé” ni Yorùbá ń sọ, ìyẹn ló sì ń di “a customer that his money is not complete” lórí ìwé. “Tí” àti “rẹ̀” jìnnà síra nínú tiwa, ṣùgbọ́n “whose” ni Gẹ̀ẹ́sì fi kó àwọn méjèèjì pọ̀: “a customer whose money is not complete”. Mo ti rí àwọn tí kò jẹ́ kọ “who she” mọ́ tí “that his” àti “that their” ṣì kún iṣẹ́ wọn. Bí ẹ bá ti rí “that” tí “his”, “her”, “its” tàbí “their” tẹ̀ lé e, tí ó sì ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀-orúkọ tí ẹ ń ṣàpèjúwe níwájú “that”, “whose” ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Oríṣi kejì ni ti olùwà tó gùn. Nínú Yorùbá, ó dára púpọ̀ kí ènìyàn kọ́kọ́ dárúkọ ohun tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, kó mí díẹ̀, kó wá fi “ó”, “wọ́n” tàbí “a” gbé e: “Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, a jọ lọ síbẹ̀.” Bí olùwà bá ṣe ń gùn sí i ni ìfẹ́ láti gbé e lẹ́ẹ̀kejì ń pọ̀ sí i, nítorí náà “my father he travelled” kò wọ́pọ̀ mọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti kàwé débi iṣẹ́ ìwádìí, ṣùgbọ́n “Most of the traders who were interviewed in the market, they keep records” kún ibẹ̀ bámú. Kọ́mà ló ń tú u fó. Gẹ̀ẹ́sì kì í fi kọ́mà kan ṣoṣo ya olùwà kúrò lára ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, torí náà bí ẹ bá rí kọ́mà tí arọ́pò-orúkọ tẹ̀ lé, ẹ dúró níbẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: n ó tẹ Ctrl+F, n ó wá “, they”, lẹ́yìn náà “, it”, “, he” àti “, she”. Níbi kọ̀ọ̀kan, ohun tó wà ṣáájú kọ́mà ni mò ń wò. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tí “they” náà ń tọ́ka sí ni, tí kò sì tíì ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀, n ó pa kọ́mà àti “they” rẹ́ pọ̀. Bó bá jẹ́ awẹ́-gbólóhùn tó fi “when”, “if”, “because” tàbí “although” bẹ̀rẹ̀, n kò ní fọwọ́ kàn án: “When the traders closed, they counted their money” kò ní àbùkù kankan. Bákan náà, ẹ má pa gbogbo “that they” rẹ́ láìwò ó. “They said that they paid” tọ̀nà, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe “said” ló wà ṣáájú rẹ̀. “The forms that they filled” náà tọ̀nà, nítorí àwọn fọ́ọ̀mù ni a kọ nǹkan sí, àwọn kọ́ ni wọ́n kọ ọ́. “The traders that they filled the forms” nìkan ni ẹ ó tún ṣe.

Ẹ ó máa gbọ́ “my brother, he never listens” lẹ́nu àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ dàgbà pàápàá, irọ́ kọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ìwé ìwádìí kò gbà á. Ní ti “he” àti “she” tó ń gba ipò ara wọn, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, torí “ó” kan náà la ní fún tọkùnrin tobìnrin. Bẹ́ẹ̀ náà ni “they” tí àwọn kan ń lò fún àgbà kan ṣoṣo nítorí ọ̀wọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ọ̀wọ̀ yẹn.

Ó wá ku “a” àti “the”. “Mo ra ìwé” lè jẹ́ ìwé kan tàbí mẹ́wàá, ó sì lè jẹ́ èyí tí a ti jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ni yóò là á yé wa. Gẹ̀ẹ́sì kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlànà kan ṣoṣo tí mo rí i pé ó ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe yìí ni pé ọ̀rọ̀-orúkọ aṣeékà tó jẹ́ ẹyọ kì í dá rìn. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun kan níwájú: “a”, “an”, “the”, “my”, “this”, “each” tàbí irú wọn. Nítorí náà, ẹ má tíì da ara yín láàmú bóyá “a” ni tàbí “the”. Ẹ kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀-orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi í pé ṣé ó ṣeé kà, ṣé ẹyọ ni. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí méjèèjì, tí kò sì sí nǹkan kan níwájú rẹ̀, ẹ ti rí i mú. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ó tó béèrè bóyá ẹni tó ń kà á ti mọ èyí tí ẹ ń sọ: bó bá mọ̀ ọ́n, “the”, bí kò bá mọ̀ ọ́n, “a”.

Ẹ ṣọ́ra fún “information”, “advice”, “equipment” àti “furniture”. Gẹ̀ẹ́sì kò kà wọ́n, nítorí náà “an information” àti “advices” kò sí. Ẹ tún ṣọ́ra fún àṣejù, torí pé ẹni tí wọ́n ti bá wí lórí “the” máa ń fi sí iwájú gbogbo nǹkan, á wá kọ “the education is important in the life”, nígbà tí ìmọ̀ ẹ̀kọ́ àti ìgbé-ayé lápapọ̀ ló ní lọ́kàn. Àwọn àpólà bíi “at home”, “by bus” àti “go to school” wà tí kò tẹ̀lé ìlànà yìí. Àwọn yẹn ni ẹ ó há sórí.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìpínrọ̀ kan yẹ̀ wò, irú èyí tí mo máa ń rí:

“The researcher he visited market to collect information. One woman that she sells cloth told him that customer that his money is not complete, he will go and come back. Most of the traders, they keep record in notebook.”

“He” àkọ́kọ́ yóò lọ. “Market” jẹ́ ẹyọ, ó ṣeé kà, ó sì ń dá rìn. Ọjà tí a ti dárúkọ ní orí kìíní ni, nítorí náà “the market”. “Information” ń dá rìn náà, ṣùgbọ́n kò ṣeé kà, ẹ fi í sílẹ̀. “One woman” wá láti inú “obìnrin kan”. Nígbà tí kì í ṣe pé iye ni ẹ ń tẹnu mọ́, “a woman” ni. “That she sells” di “who sells”. “Him” inú “told him” kì í ṣe àtúnsọ, àbọ̀ “told” ni, kó dúró. “Customer” nílò “a”, “that his” di “whose”, kọ́mà àti “he” sì bá ara wọn lọ. Nínú gbólóhùn tó kẹ́yìn, kọ́mà àti “they” kúrò, “record” àti “notebook” sì di ọ̀pọ̀, torí pé àwọn oníṣòwò náà pọ̀:

“The researcher visited the market to collect information. A woman who sells cloth told him that a customer whose money is not complete will go and come back. Most of the traders keep records in notebooks.”

Ẹ wá arọ́pò-orúkọ lọ́jọ́ kan, kí ẹ wá ọ̀rọ̀-orúkọ lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tó bá ń wá méjèèjì pọ̀ máa ń fo púpọ̀ nínú wọn. Bí orí kẹrin yín bá sì ní ọ̀rọ̀ tí ẹ gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ẹ fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, tí ẹ sì fi àmì àyọlò kó o, ẹ má ṣàtúnṣe Gẹ̀ẹ́sì tiwọn. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an ni kó wà.