Káàdì Ilé-Ìṣọ́ jáde lórí ìfẹ́ tí kò níjà: wo ilé náà kí o tó wo ọkùnrin náà

«Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí fífi káàdì táróò woṣẹ́. Ọdún mẹ́rin rèé tí èmi àti àfẹ́sọ́nà mi ti wà pọ̀. A kì í jà, àwọn òbí wa ti mọra, oṣù tó ń bọ̀ la fẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀ ní kọ́ọ̀tù. Mo fa káàdì mẹ́ta lálẹ́ àná: Ife Méjì, Ilé-Ìṣọ́, Ìdájọ́ Òdodo. Ilé tí àrá sán lù ni Ilé-Ìṣọ́, látìgbà náà ni oorun ti dá lójú mi. Ṣé ó ní obìnrin níta ni?»

Àbúrò, gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀ ná. Bí o kò bá tíì mú un, mo mọ̀ pé ọwọ́ ń yún ọ. Èmi náà mú fóònù ọkùnrin rí, nígbà tó wọ ilé ìwẹ̀. Orin kọ́áyà àti àwòrán bọ́ọ̀lù ni mo bá níbẹ̀. Ohun tó fẹ́ wó lù wá kò sí nínú fóònù rárá.

Ọdún 2017 ni, mo ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ará Jàmáíkà kan tí a jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó ló kọ́ mi ní káàdì, nígbà tí a bá jókòó sinmi lóru. Èmi àti ọkùnrin tí mo ń fẹ́ ti lo ọdún mẹ́ta pọ̀. Ẹni tó bá rí wa nígbà náà á ní kí Ọlọ́run ṣe irú rẹ̀ fún òun: ṣọ́ọ̀ṣì kan náà là ń lọ, àkáùntì kan náà là ń tọ́jú owó mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sí, ìyá mi sì ti ń pè é ní ọmọ mi. Ní oṣù Kẹsàn-án mo fa káàdì mẹ́ta. Ọ̀pá Mẹ́rin jáde sápá òsì, Owó Mẹ́rin sápá ọ̀tún, Ilé-Ìṣọ́ wà láàárín wọn, ó tún dojú dé.

Ọ̀pá Mẹ́rin ni èyí tí wọ́n so òdòdó mọ́ òpó mẹ́rin lórí, tí èèyàn méjì ń gbé òdòdó sókè níwájú ilé ńlá. Mo ní ìgbéyàwó nìyẹn. Owó Mẹ́rin ńkọ́? Mo kàn fojú fò ó. Ilé-Ìṣọ́ ló gba gbogbo ojú mi, mo sì ti ní ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ kí n tó wò ó dáadáa: ọkùnrin yìí ti ní ẹlòmíràn. Mo tún káàdì pò, mo tún fà á. Kò sọ ohun tí mò ń retí, mo tún fà á. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan mo fà á lẹ́ẹ̀marùn-ún, títí Idà Méje fi jáde, ọkùnrin tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ gbé idà márùn-ún lọ tó sì fi méjì sílẹ̀. Mo ní ẹ̀hẹ̀n, mo mọ̀! Obìnrin kan wà nínú kọ́áyà wọn tó máa ń pè é déédéé. Òun ni mo dì mọ́ ọn lọ́rùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni obìnrin náà jẹ́.

Ohun tó wà nílẹ̀ gan-an ni pé wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ láti oṣù Kẹrin. Ní gbogbo àárọ̀ ó ń gbé báàgì rẹ̀ kọ́ ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ó ń lọ jókòó sí ilé ìkàwé títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì ń fi owó mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ san ìpín tirẹ̀ nínú owó ilé. Bẹ́ẹ̀ Owó Mẹ́rin ti wà níwájú mi. Lọ wo káàdì náà: ọkùnrin kan jókòó, ó gbé owó kan sórí, ó gbá ọ̀kan mọ́ àyà, ó fẹsẹ̀ tẹ méjì mọ́lẹ̀. Kò lè dìde. Bó bá gbé ẹsẹ̀ pẹ́rẹ́, owó á yí lọ. Ẹni tí mo ń fẹ́ gan-an nìyẹn, mo sì ń wá obìnrin kiri.

Èyí tó dùn mí jù ni ohun tí ẹ̀sùn mi ṣe. Nígbà tí mo pariwo obìnrin lé e lórí, ojú rẹ̀ tú ká. N kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Mo ti bá a fa ìjà tó lè jàre! Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, mo dákẹ́, ojú sì tì mí débi pé n kò lè bi í ní ohunkóhun mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méje. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé igi ti ògiri tó fẹ́ wó náà. Ó kù díẹ̀ kí oṣù Kọkànlá parí ni lánlọ́ọ̀dù pè mí pé owó ilé kò wọlé.

Nítorí náà, wo àwòrán náà pẹ̀lú mi. Àpò káàdì tí púpọ̀ nínú wa ń lò ni èyí tí Pamela Colman Smith ya, tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1909. Ilé gíga kan wà lórí ṣóńṣó àpáta, àrá sán lù ú, adé tó wà lórí rẹ̀ ṣí kúrò, èèyàn méjì ń já bọ́, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ta ló ti ẹnì kejì nínú wọn? Kò sí. Ta ni ẹnì kẹta? Kò sí. Àpáta tí ilé náà dúró lé kò mì. Wo ilé náà dáadáa: fèrèsé mẹ́ta ló ní, iná ń jó níbẹ̀, ṣùgbọ́n o ò ní rí ilẹ̀kùn kankan. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò lè fẹsẹ̀ rìn jáde.

Ilẹ̀kùn yẹn ni mo máa ń wá báyìí tí káàdì yìí bá jáde lórí àwọn tí kì í jà. Èmi kì í béèrè pé ta ló ń dalẹ̀. Mo máa ń béèrè pé ọ̀rọ̀ wo ni kò ní ilẹ̀kùn nínú ilé yìí, èwo ni ẹ kì í lè sọ kọjá gbólóhùn méjì kí ẹnì kan tó dá àpárá tàbí kó dìde lọ wo ìkòkò lórí iná. Lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Tí mo bá ní báwo ni ibi iṣẹ́, á ní «a dúpẹ́», á bi mí léèrè nípa àwọn arúgbó mi. Mo rò pé ìfẹ́ ló ń mú un bi mí.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa ń rántí Bábélì tí wọ́n bá rí káàdì yìí, èmi náà fẹ́ràn bẹ́ẹ̀, nítorí Jẹ́nẹ́sísì 11 kò sọ pé ilé ìṣọ́ náà wó. Èdè àwọn tó ń kọ́ ọ ló dàrú, wọn kò gbọ́ra wọn yé mọ́, iṣẹ́ sì dúró. (Àwọn tó ń so nọ́ńbà 16 tó wà lórí káàdì náà mọ́ ojú odù 16, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ifá sílẹ̀. Ayò ni wọ́n ń fi káàdì wọ̀nyí ta ní àríwá Ítálì ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn, kò bá Ifá tan.)

Bó bá dojú dé, bíi tèmi, àwọn kan á ní ewu ti rọlẹ̀. Lórí ìfẹ́ tó dà bí ẹni pé ó tòrò, èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Yí káàdì náà padà kí o wò ó: àwọn tó ń já bọ́ á dà bí ẹni tó ń fò lọ sókè. Ilé ti sán, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣì ń gbé igi tì í, ó sì ń rẹ ẹni náà. Tìrẹ dúró ṣánṣán, ìyẹn sì sàn díẹ̀ lójú tèmi, nítorí ohun tó bá fẹ́ jáde á yára jáde.

Ohun tí o kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí o tún un fà. Káàdì 78 ló wà nínú àpò. Bí o bá ń fa mẹ́ta, Ilé-Ìṣọ́ á jáde fún ọ bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 26, yálà o ní àfẹ́sọ́nà tàbí o kò ní. Ẹni tó bá ń tẹ́ káàdì mẹ́wàá, ó tó nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́jọ. Pé ó jáde kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun lórí ọkùnrin yẹn. Bí o bá sì ń fà á léraléra bíi tèmi, káàdì tó bá ìbẹ̀rù rẹ mu kò ní pẹ́ jáde, torí káàdì tó ń dẹ́rù ba olólùfẹ́ kò wọ́n nínú àpò. Idà Méje tèmi kò jẹ́ àmì. Àfàtúnfà ló bí i.

Ó wá ku káàdì tirẹ. Ife Méjì ni èèyàn méjì tó dojú kọra tí wọ́n di ife mú. Mo gbà pé ìfẹ́ náà kì í ṣe irọ́, o kò sì ní láti fọ́ ọ wò. Ìdájọ́ Òdodo ló yẹ kó gba àkókò rẹ: ẹni tó jókòó láàárín òpó méjì, idà lọ́wọ́ ọ̀tún, òṣùwọ̀n lọ́wọ́ òsì. Ó rọrùn láti sọ pé kọ́ọ̀tù oṣù tó ń bọ̀ nìyẹn, ó sì lè jẹ́ òun, àmọ́ má yára gbà á. Òṣùwọ̀n ń béèrè ohun tí ẹ jọ gbé sórí rẹ̀. Obìnrin níta kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ wò níbi tí Ìdájọ́ Òdodo bá wà. Àdéhùn àti ìwé ni mo máa wò: gbèsè, ìgbéyàwó àtijọ́ tí wọn kò tú ká, jẹnotáìpù tí ẹnì kan ní òun ti yẹ̀ wò láìfi ìwé rẹ̀ hàn, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, orúkọ ta ló wà lórí ilẹ̀.

Mú bébà, kọ ọ̀rọ̀ méje tàbí mẹ́jọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí o sì kọ ohun tí o mọ̀ dájú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ohun tí o rò o, ohun tí o mọ̀. Níbi tí bíírò rẹ bá ti dúró, ibẹ̀ ni kí o lọ. Ó sì lè jẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ ni ọ̀rọ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn náà wà. Èmi náà bù bíríkì sí ilé tiwa: èmi ni mo ń pe ìyá mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti fi iṣẹ́ rẹ̀ yangàn. Nígbà tí mo wá bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi, ohun tó sọ ni pé, «Ìwọ ti sọ fún màmá tán.» A pínyà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, oṣù méje irọ́ yẹn ló fà á, iṣẹ́ tó bọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó gbé adé lé ilé náà lórí.

Tí o bá fẹ́ bá a sọ ọ́, bẹ̀rẹ̀ látorí tìrẹ, kí o sì ní káàdì kò dá sí i. Èmi ní «káàdì sọ fún mi», ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti rẹ́rìn-ín. Sọ pé, «Kí a tó lọ sí kọ́ọ̀tù, mo fẹ́ fi gbèsè mi hàn ọ́, kí ìwọ náà fi tìrẹ hàn mí», kí o dákẹ́, kí o má sì dìde lọ wo ìkòkò. Bí ẹ bá sọ ọ́ tán tí kò sí nǹkan níbẹ̀, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan nínú 26 yẹn ló kàn ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àpò káàdì ti 2017 ṣì wà lọ́wọ́ mi. Owó Mẹ́rin ló gbó létí jù nínú gbogbo wọn, nítorí kí n tó wo Ilé-Ìṣọ́ ẹnikẹ́ni báyìí, òun ni mo máa ń yọ jáde kọ́kọ́ wò.