Ìjúbà, ìjẹ́wọ́, ìdúpẹ́, ẹ̀bẹ̀: èwo ló yẹ kó ṣáájú?

*Ìbéèrè:* Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa sà. Adó-Èkìtì níbí ni mò ń gbé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n máa darí àdúrà ìdájí fún ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Tí mo bá ti dìde báyìí, ẹ̀bẹ̀ ló máa ń jáde lẹ́nu mi ṣáá. Ìyá ìjọ wá ní mi ò tò ó dáadáa, pé ìjúbà ló kọ́kọ́ yẹ, kí ìjẹ́wọ́ tẹ̀ lé e, kí ìdúpẹ́ tẹ̀ lé ìyẹn, kí ẹ̀bẹ̀ tó kàn. Sà, ṣé ìjúbà àti ìdúpẹ́ kì í ṣe nǹkan kan náà ni? Ṣé dandan sì ni títò yẹn?

*Ìdáhùn:* Ẹ kú iṣẹ́ ìdájí mà. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń da ọ̀pọ̀ wa láàmú, ìyẹn ìjúbà àti ìdúpẹ́, torí àwa Yorùbá, "ìyìn àtọpẹ́" la máa ń pè pọ̀, a ò sì yà wọ́n mọ́. Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò rèé: ká ní wọn ò bí yín rárá, ṣé ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn á ṣì jẹ́ òótọ́? "Ìwọ lo dá ọ̀run òun ayé, o kì í yí padà," bí wọ́n bí mi tàbí wọn ò bí mi, òótọ́ ni, ìjúbà nìyẹn. "Bàbá o ṣé, ọmọ mi tó lọ sí Ìkẹ́rẹ́ lánàá padà dé láyọ̀," ìyẹn ò lè wáyé tí mi ò bá sí níbẹ̀, ìdúpẹ́ ni. Ẹni tó ń wọ ààfin ńkọ́? Kò ní kàn dé ọ̀dọ̀ Kábíyèsí kó sọ pé ẹ ṣé ilẹ̀ tẹ́ ẹ fún mi lọ́dún tó kọjá, á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ná, á ki wọ́n. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, nítorí ẹni tí wọ́n jẹ́ ni, kì í ṣe nítorí ilẹ̀.

Ẹnu wa dùn níbi ká máa ki Ọlọ́run lóríkì lóòótọ́, Atẹ́rẹrẹ kárí ayé, Kìnnìún ẹ̀yà Júdà, Arúgbó ọjọ́, a lè tò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọkàn wa máà sí níbẹ̀ rárá (èmi náà ti ṣe é, mò ń ki Ọlọ́run, mò ń ro iná mànàmáná tí wọ́n mú lọ). Ẹ mú orúkọ ẹyọ kan tó bá ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn mu, kẹ́ ẹ dúró tì í. Orúkọ kan tẹ́ ẹ rò dénú sàn ju ogún tẹ́ ẹ kàn sáré kà lọ.

Ìjẹ́wọ́ ni kí n wá pẹ́ lórí ẹ̀, torí ibẹ̀ la ti ń sáré kọjá jù. "Dárí ẹ̀ṣẹ̀ wa jì wá, èyí tá a mọ̀ àti èyí tá ò mọ̀," ó tán, a ti bọ́ sórí ẹ̀bẹ̀. Ẹ ṣí ìwé Dáníẹ́lì orí 9 wò. Ẹsẹ 4 ló fi júbà, láti ẹsẹ 5 dé 15 ló fi jẹ́wọ́, ẹ̀bẹ̀ gangan ò ju ẹsẹ 16 sí 19 lọ. Ẹsẹ mọ́kànlá sí mẹ́rin! Ẹ tún wo bó ṣe ń sọ ọ́, "àwa ti ṣẹ̀" ló ń wí, kò sọ pé "àwọn kan láàárín wa." Èyí kàn yín gan-an ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń darí, torí mo ti gbọ́ ọ rí níbi àdúrà obìnrin, kí ẹni tó ń darí máa ní "Olúwa, dárí ji àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ẹlẹ́yìn nínú ẹgbẹ́ yìí," kí gbogbo ojú máa wá ẹnì kan kiri. Ìyẹn kì í ṣe ìjẹ́wọ́ mọ́, àbòsí ni. Ẹ sọ "àwa," lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí kálukú bá Ọlọ́run sọ tirẹ̀ nínú ọkàn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn á kọ́kọ́ ṣe wọ́n bákan, wọ́n á rò pé ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀, ẹ má dá wọn lóhùn.

Kí ló dé tí ìjẹ́wọ́ fi ṣáájú ìdúpẹ́ nínú títò tí Ìyá ìjọ sọ? Ẹ rántí Farisí inú Lúùkù 18. Ìdúpẹ́ lòun náà fi bẹ̀rẹ̀ ná, ó dúpẹ́ pé òun ò dà bí àwọn èèyàn yòókù, kò sì jẹ́wọ́ kankan, ìyẹn ló jẹ́ kí ìdúpẹ́ yẹn di ìgbéraga lẹ́nu ẹ̀. Ẹni tó ti jẹ́wọ́ mọ̀ pé oore lòun rí gbà, kì í ṣe owó iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ẹnì kan wò ó. Màmá kan nílé ìjọsìn wa, rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ìrẹsì Ìgbẹmọ ti pé, owó ò sì pé lọ́wọ́. Ẹ̀bẹ̀ tó gbé wá ni pé kí Ọlọ́run fún òun lówó. Mo ní kó tò ó. Ó fi Ẹni tó ń bọ́ ẹyẹ ojú ọ̀run júbà. Ìgbà tó kan ìjẹ́wọ́, ó dákẹ́ títí, ó wá ní òun ti fi owó àjọ ẹnì kan tó wà lọ́wọ́ òun ra ọjà, òun ò tíì sọ fún onítọ̀hún. Nínú ìdúpẹ́, ó rántí pé ọdún mẹ́fà nìyí, wọn ò lé òun jáde nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn rí. Nígbà tó máa fi dé ẹ̀bẹ̀, ẹ̀bẹ̀ yẹn ti yí padà: kí Ọlọ́run fún òun ní ẹnu láti lọ bá olówó àjọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí lándílọ́ọ̀dù sì fún òun ní oṣù kan sí i. Ìdí tí wọ́n fi fi ẹ̀bẹ̀ sẹ́yìn nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ dárúkọ nǹkan náà ni o. Bátíméù, wọ́n bi í ní ohun tó ń fẹ́, ó ní kóun ríran ni, kò fi ọ̀rọ̀ ṣe àdììtú.

Àmọ́ dandan kọ́ mà. Àwọn tó kọ́ títò yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì fi lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe orúkọ ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì kó lè rọrùn láti rántí ni, kì í ṣe òfin Bíbélì. Nínú Àdúrà Olúwa pàápàá, oúnjẹ òòjọ́ ṣáájú ìdáríjì. Àwọn Áńgílíkà sì ń jẹ́wọ́ kí wọ́n tó kọ Sáàmù 95 ní ìsìn òwúrọ̀. Pétérù tó ń rì sómi, "Olúwa, gbà mí" ló ké, ta ló fẹ́ ní kó kọ́kọ́ júbà?

Torí náà, tí ìyá kan bá sáré wọlé nídàájí pé ara ọmọ òun gbóná, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀bẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sọ́sípítù. Tára ọmọ bá wá yá, ní ìdájí ọjọ́ kejì, ìdúpẹ́ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, Ìyá ìjọ ò ní bínú.