Iná orí dáṣíbọ́ọ̀dù: èwo la ń dúró fún, èwo la lè gbé délé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Àsẹ̀rò ni mò ń gbé, Kòrólà tòkunbọ̀ ni mo sì fi ń ná ọ̀nà Ṣágámù. Iná oríṣiríṣi ló ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé. Èwo ni kí n torí rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà, èwo ni mo lè gbé dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrìnnà o, ẹ̀gbọ́n. Àwọ̀ iná náà ló ń sọ iye àsìkò tí ẹ ní. Tó bá jẹ́ pupa, ìṣẹ́jú lẹ ní. Tó bá jẹ́ yẹ́lò, ẹ ṣì ní ọjọ́ mélòó kan. Àwọ̀ ewé kò bá yín jà rárá, ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín tàn ló ń fi hàn yín, bíi tíráfíkétọ̀. (Bí tíráfíkétọ̀ bá wá ń ṣẹ́jú kíákíá ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, gílóòbù kan ti kú nìyẹn.)

Pupa ni kí a jókòó tì. Mo yọ ti hánbíréèkì àti ilẹ̀kùn kúrò níbẹ̀, torí ọwọ́ yín lẹ fi máa pa ìyẹn. Èyí tó ti sọ ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì di irin àlòkù níwájú mi ni iná ọ́ìlì, èyí tí wọ́n ya bí agolo ọ́ìlì tí ń kán tó-tó-tó. Àwọn èèyàn rò pé ó ń sọ pé ọ́ìlì ti dín kù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ́ìlì lọ sára àwọn irin inú ẹ́ńjìnì ló ń wò, kì í sì í tàn àfi tí agbára yẹn bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tí ẹ bá rí i, irin ti ń ha irin.

Oníbàárà mi kan rí iná yìí nítòsí Kóbapẹ́. Ó ní òun á rọra wà á dé Kútọ̀, ó ṣáà ti sún mọ́lé. Kò rìn jìnnà tí ẹ́ńjìnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kàn kó-kó-kó, lẹ́yìn náà ó gan. Nígbà tí a gbé e wọlé, nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ibi tí a ti ń da ọ́ìlì nù ló ti tú, gbogbo ọ́ìlì sì ti dà sójú títì. Ká ní ó pa á níbi tó ti rí iná, nọ́ọ̀tì àti ọ́ìlì nìkan ni ì bá rà. Ẹ́ńjìnì ló padà rà.

Torí náà, bó bá tàn, ẹ yà kúrò lójú ọ̀nà, kí ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ gbé sí-kọ́ṣọ̀n sẹ́yìn. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kí ọ́ìlì lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fa géèjì, ẹ nù ún, ẹ tì í padà, kí ẹ tún fà á. Àárín àmì méjèèjì ló yẹ kí ọ́ìlì wà. Bó bá wà nísàlẹ̀, ẹ bu ọ́ìlì kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wọ àárín, kí ẹ wá tan ọkọ̀. Bí iná bá kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí kò sì sí ibi tó ń dà, ẹ rọra gbé e wá. Ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì bá pé tí iná kò kú, ẹ má tan án mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá wọ́ ọ.

Ti yẹ́lò, ẹyọ kan ni mo fẹ́ kí ẹ dá mọ̀ dáadáa, ìyẹn iná tó ní àwòrán ẹ́ńjìnì. Bó bá tàn kalẹ̀ tí ọkọ̀ sì ń sá bó ṣe yẹ, ẹ lè gbé e lọ sí Ṣágámù kí ẹ padà wálé, kí ẹ sì yọjú sí wa láàárín ọ̀sẹ̀. Bó bá wá ń ṣẹ́jú, tí ọkọ̀ ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ti yí padà: pílọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì kan kò ṣiṣẹ́, epo tí kò jó ń wọ inú sàlẹ́ńsà, yóò sì sun kátálísítì ibẹ̀, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ má sáré, mẹkáníìkì tó bá sún mọ́ yín jù ni kí ẹ yà sí.

Níwọ̀n bí tiyín ti jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ṣe èyí láàárọ̀ ọ̀la: ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì tan ẹ́ńjìnì. Iná ọ́ìlì gbọ́dọ̀ tàn nígbà náà, kó sì kú bí ẹ́ńjìnì bá ti dìde. Bí kò bá tàn rárá, gílóòbù rẹ̀ ti kú, tàbí ẹnìkan ti já wáyà rẹ̀ kí ọkọ̀ lè tà. Rìwáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ bá kí ẹ tó tún dé ọ̀nà Ṣágámù.