Mónítọ̀ méjì lórí dọ́ọ̀kì USB-C kan

"Mo so mónítọ̀ méjì mọ́ dọ́ọ̀kì USB-C kan lára MacBook Pro M1 Pro mi, àmọ́ àwòrán kan náà ni méjèèjì ń gbé jáde. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ yọ wáyà mónítọ̀ kejì kúrò lára dọ́ọ̀kì, kí ẹ sì kì í bọ ojú ihò HDMI tó wà lára kọ̀ǹpútà yín gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí System Settings, ẹ tẹ Displays, kí ẹ sì yan Extended display fún mónítọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Dọ́ọ̀kì yín kò bàjẹ́, nítorí náà ẹ má tíì kó owó lọ sí Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ra òmíràn. Ọgbọ́n tí wọ́n ń pè ní MST ni irú dọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ fi ń pín àwòrán tó ń gba inú wáyà kan wá sí ọ̀nà méjì, macOS kò sì gbà á fún mónítọ̀ tó dá dúró. Bí ẹ bá so kọ̀ǹpútà oní-Windows tó gba MST mọ́ dọ́ọ̀kì kan náà, tí ẹ tẹ Windows+P, tí ẹ sì yan Extend, ẹ ó rí i pé mónítọ̀ méjèèjì yóò ya ara wọn.

Bó bá jẹ́ MacBook Air M1 ni, ọ̀nà yìí kò ní ṣiṣẹ́, nítorí mónítọ̀ kan ṣoṣo ló gbà látìta. Dọ́ọ̀kì oní-DisplayLink ni ìyẹn nílò, pẹ̀lú áàpù rẹ̀, DisplayLink Manager, tí a fún ní àṣẹ Screen Recording.