Àwòrán kúántáìlì àti ìdánwò t: kòkó àgbẹ̀ méjìlá-méjìlá

*Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí. Kòkó gbígbẹ ni mo wọ̀n ní kílò lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ní abúlé ẹ̀gbẹ́ Iléṣà. Àwọn 12 lo ajílẹ̀, àwọn 12 ò lò ó. Mo da gbogbo 24 pọ̀, mo fa qqnorm, àmì tó kẹ́yìn fò kúrò lórí ìlà. Ọ̀gá tó ń bójú tó pírójẹ́ẹ̀tì mi ní dátà mi ò nọ́mà, kí n gbàgbé ìdánwò t. Ṣé kí n yọ nọ́ńbà kan yẹn ni? Wọ́n nìyí:*

```r
lo   <- c(23,31,35,41,46,49,55,59,66,76,88,116)
kolo <- c(19,24,28,30,34,37,40,45,49,57,66,83)
```

Àbúrò, má tíì yọ nǹkan kan. Dátà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi ń jẹun ní Lágéré níbí, ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì ti pẹ́. Ohun tí mo rí pé ó ń kó wọn sí wàhálà jù ni pé wọ́n ń retí kí àmì tò sórí ìlà gbọọrọ bí ọmọ ilé ìwé láàárọ̀. Nọ́ńbà méjìlá péré kì í tò bẹ́ẹ̀, kódà kó jẹ́ inú nọ́mà gan-an ló ti wá.

Kọ́kọ́ ya ẹgbẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀. Ìdánwò t ò sọ pé kí nọ́ńbà 24 náà pa pọ̀ jẹ́ nọ́mà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láyè ara rẹ̀ ló kàn án. Bí ajílẹ̀ bá ṣiṣẹ́ dáadáa, tí ẹgbẹ́ kan wá ga ju èkejì lọ fíìfíì, tí o bá dà wọ́n pọ̀, àwòrán yóò ṣẹ́ láàárín, nígbà tí kò sì sí ohun tó ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ká ní àgbẹ̀ kan náà lo wọ̀n kó tó lo ajílẹ̀ àti lẹ́yìn tó lò ó ni, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni o máa fà, kì í ṣe nọ́ńbà méjèèjì.

Ó yá, fa `lo` nìkan:

```r
qqnorm(lo); qqline(lo)
```

Kílò tìrẹ ló wà lóòró, láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù. Èyí tó wà ní ìbú ni ibi tí nọ́mà ń retí kí ẹni tó kéré jù nínú méjìlá wà, àti ẹni tó tẹ̀ lé e, títí dé òkè. Ìlà tí `qqline` fà kò gba àárín gbogbo àmì o. Ibi tí ìdá kan nínú mẹ́rin dátà parí sí, àti ibi tí ìdá mẹ́ta parí sí, ni ó so pọ̀. Nítorí náà 116 yẹn ò lè fa ìlà náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí jíjìn rẹ̀ fi hàn kedere.

Wàyí o, wo ìrísí rẹ̀. Ní ìparí ọ̀tún, ìlà wà ní nǹkan bíi 91, ìwọ wà ní 116, o fi 25 ga jù ú lọ. Ní ìparí òsì, ìlà wà ní nǹkan bíi 17, ìwọ wà ní 23, o tún ga jù ú. Ní àárín, 49 àti 55 lọ sí abẹ́ ìlà díẹ̀. Orí méjèèjì gbé sókè, ikùn rọ̀ sísàlẹ̀: dátà tí ìrù rẹ̀ gùn sápá ọ̀tún ló ń rí bẹ́ẹ̀, ìkórè àti owó sì sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní gbogbo àmì mọ́kànlá ló lẹ̀ mọ́ ìlà tó fi dé ìparí òsì, tí 116 nìkan dá dúró lókè, ọ̀rọ̀ ibòmíràn nìyẹn. Inú ìwé tí o fi kọ ìwọ̀n sílẹ̀ lóko ni o máa lọ, kó o wò ó bóyá ẹnì kan ka òṣùwọ̀n sódì. Bí òsì bá sì lọ sábẹ́ tí ọ̀tún gòkè, ìrù méjèèjì ló gùn, mo sì ń bẹ̀rù ìyẹn ju tìrẹ lọ.

Kí wá ni ìtẹ̀sí tó pọ̀ jù fún èèyàn méjìlá? Ojú lásán ò lè dá a. Kí n tó fèsì fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń fi dátà rẹ̀ pa mọ́ sáàárín àwọn nọ́mà gidi 19 tí iye wọn bá tirẹ̀ mu:

```r
par(mfrow = c(4,5), mar = c(1,1,1,1))
ibi <- sample(20, 1)
for (i in 1:20) {
  z <- if (i == ibi) lo else rnorm(12)
  qqnorm(z, main="", xlab="", ylab="", axes=FALSE)
  qqline(z)
}
```

Pe ẹni tí kò tíì rí dátà rẹ, ní kó nawọ́ sí èyí tó burú jù. Bó bá nawọ́ sí tìrẹ, ẹ̀rí gidi nìyẹn, torí pé bó bá jẹ́ nọ́mà, ẹ̀ẹ̀kan nínú ogún ló máa ń bọ́ sí i lórí oríire. Mo ṣe é pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ nawọ́ sí òmíràn. Ìyẹn ò sọ pé kòkó rẹ jẹ́ nọ́mà o. Ohun tó sọ ni pé méjìlá kéré jù láti fi mọ̀. (Bí ọ̀gá rẹ bá ní kí o ṣe ìdánwò Shapiro tó ń yẹ nọ́mà wò ńkọ́, àìsàn kan náà ló ń ṣe é: bí dátà bá kéré kì í rí nǹkan, bó bá pọ̀ á máa pariwo lórí ohun tí kò tó nǹkan.)

Ohun tó yẹ ká bèèrè ni pé, ṣé ìtẹ̀sí yìí lè ba ìdánwò t jẹ́? Ìpíndọ́gba ni ìdánwò náà ń wò, ìyàtọ̀ ìpíndọ́gba méjì sì sún mọ́ nọ́mà ju nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lọ. Tìrẹ tún ní àǹfààní kan: ẹgbẹ́ méjèèjì tẹ̀ sápá kan náà, iye wọn sì dọ́gba, nítorí náà bí o bá yọ ìpíndọ́gba kan kúrò nínú èkejì, ọ̀pọ̀ ìtẹ̀sí náà ń pa ara wọn rẹ́. Ká ní èèyàn 5 dojú kọ 30 ni, mi ò ní sọ ohun tí mò ń sọ yìí.

Ṣe é lọ́nà méjì, kó o rí i fúnra rẹ:

```r
t.test(lo, kolo)
t.test(log(lo), log(kolo))
```

Nínú kílò, ìpíndọ́gba jẹ́ 57.1 àti 42.7, t jẹ́ 1.55, p wà nítòsí 0.14. Bó o bá fa `qqnorm(log(lo))`, ikùn tó rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. 116 ṣì ga ju ìlà lọ, àmọ́ nǹkan bíi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún péré. Ìdánwò t lórí lọ́ọ̀gì náà tún gbé t 1.55 jáde, p ò sì kúrò nítòsí 0.14. Nítorí náà àríyànjiyàn ìwọ àti ọ̀gá rẹ lórí nọ́mà kò yí èsì padà rárá. Èmi ìbá kọ ti lọ́ọ̀gì sínú pírójẹ́ẹ̀tì, torí pé ajílẹ̀ sábà máa ń sọ ìkórè di ìlọ́po ju kó fi iye kílò kan náà kún oko gbogbo. Ìlọ́po tìrẹ jẹ́ nǹkan bí 1.32, ìyẹn ni pé àwọn tó lò ó kó tó ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ju àwọn yòókù lọ, àmọ́ àgbẹ̀ rẹ ò tíì pọ̀ tó láti fi dá a lójú.

Ní ti 116, bí ìwé ìwọ̀n bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí, fi sílẹ̀. Wo ohun tí yíyọ ọ́ máa ṣe: ìpíndọ́gba àwọn tó lo ajílẹ̀ á já sí 51.7, àǹfààní ajílẹ̀ tó jẹ́ kílò 14.4 á sì di 9.1, lórí àgbẹ̀ kan ṣoṣo tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni ju pé ó kórè dáadáa. Tẹ àwòrán ẹgbẹ́ méjèèjì, ti kílò àti ti lọ́ọ̀gì, gbé wọn síwájú ọ̀gá rẹ pẹ̀lú t méjèèjì, kí o sì ní kí wọ́n bá ọ wá tìrẹ rí nínú ogún yẹn.